Bí Ẹ Ṣe Lè Sọ Fún Òbí Ní Kùtùkùtù Pé Ọmọ Wọn Lè Tún Kíláàsì Kà, Àti Bí Ẹ Ṣe Máa To Lẹ́tà Ẹ̀

Oṣù Keje ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ, lọ́jọ́ tí wọ́n bá pín rìpọ́ọ̀tù kádì, wọ́n á ṣí i, wọ́n á rí i nísàlẹ̀ pé ọmọ ò ní bá ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ sí kíláàsì tó kàn, ariwo á sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, "ẹ ò wá ṣe sọ fún wa látọjọ́ yìí?" Ìbéèrè yẹn ò burú rárá o. Lóòótọ́ rìpọ́ọ̀tù táàmù kìíní ti lọ sílé láti Disẹ́ńbà, máàkì sì wà nínú ẹ̀, àmọ́ máàkì nìkan kì í ṣe ìkìlọ̀. Òbí tó rí 41 lè máa rò pé ọmọ òun ṣáà ń gbìyànjú, pàápàá tí tíṣà bá tún wá kọ "túbọ̀ múra sí i" síwájú ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ fún ọmọ tó gba 70 náà.

Tíṣà kíláàsì ni mò ń bá sọ̀rọ̀ níbí. Ilé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì aládàáni nílẹ̀ wa níbí ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, tó ń lo táàmù mẹ́ta, tẹ́ẹ̀sì gba 40, ìdánwò gba 60. Tó bá jẹ́ 30 àti 70 ni tiyín, ẹ kàn yí nọ́ńbà padà, ọgbọ́n ẹ̀ ò yí padà. Kíláàsì kẹta ò sí nínú ohun tí mò ń sọ, torí ìdánwò ìjọba wà níbẹ̀, òfin tiẹ̀ sì yàtọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ lọ wádìí òfin ilé ìwé yín

Ẹ má rò pé ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ bi tíṣà mẹ́rin nínú sítáfùrúùmù yín pé kí ló ń dá ọmọ dúró, ẹ lè gbọ́ ìdáhùn mẹ́ta. Ẹnì kan á ní táàmù kẹta nìkan ni wọ́n ń wò, ẹlòmíì á ní wọ́n ń ro táàmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni, ẹnì kẹta á ní tí ọmọ bá ti féèlì Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì, ó ti parí nìyẹn. Ẹ lọ bá púrínsípà, ẹ bi í ní tààrà: ṣé àròpọ̀ táàmù mẹ́ta la ń pín sí mẹ́ta? Mélòó ni ọmọ gbọ́dọ̀ ní? Ṣé iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé dandan ni kó yege nínú ẹ̀? Àti pé ta ló ń sọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ṣé púrínsípà ni àbí ìpàdé gbogbo tíṣà?

Ẹ kọ ìdáhùn ẹ̀ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan tàbí méjì, kí púrínsípà kà á kó ní bẹ́ẹ̀ ni. Gbólóhùn yẹn gan-an lẹ máa gbé sínú lẹ́tà, láì fi kún un, láì yọ kúrò. Tí ẹ bá kọ òfin tó yàtọ̀ sí èyí tí ilé ìwé máa lò lóṣù Keje, lẹ́tà yín ni òbí máa gbé wá fi bá yín jà, wọ́n á sì jàre.

Ilé ìwé tí mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ, òfin ẹ̀ ni pé: tí a bá ro àfúrẹ́èjì táàmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ tí a pín in sí mẹ́ta, ọmọ gbọ́dọ̀ ní 50, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní 40 nínú Ìṣirò tàbí Gẹ̀ẹ́sì.

Ìṣirò kékeré tó máa sọ fún yín ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí dáadáa, torí òun ló ń mú kí sísọ ọ́ ní Fẹ́búárì yàtọ̀ sí sísọ ọ́ ní Éépírì.

Ẹ jẹ́ ká pe ọmọ náà ní Lágbájá, kíláàsì kejì ló wà. Táàmù kìíní, àfúrẹ́èjì ẹ̀ jẹ́ 41. Kó tó lè ní 50 nígbẹ̀yìn, táàmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ ròpọ̀ di 150, torí 50 lọ́nà mẹ́ta nìyẹn. Ẹ yọ 41 kúrò nínú 150, ó ku 109. Tí táàmù méjì tó kù bá pín 109 láàárín ara wọn, 54 àti ààbọ̀ ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká sọ pé 55. Ọmọ tó gba 41, tẹ́ ẹ bá gbá a mú dáadáa, ó lè dé 55, kì í ṣe ohun tí ẹnìkan ò rí rí.

Ṣùgbọ́n ká ní ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan, tó tún lọ gba 41 ní táàmù kejì ńkọ́? 82 nìyẹn, ó ku 68 tó gbọ́dọ̀ gbà ní táàmù kẹta nìkan. Ọmọ tí ò tíì gba 45 rí, ẹ ní kó gba 68 láàárín oṣù mẹ́ta, nígbà tí táàmù kẹta sì ní àwọn ọlidé tó ń gé e. Òbí tẹ́ ẹ bá sọ fún lásìkò yẹn, kì í ṣe ìkìlọ̀ lẹ fún un, ìròyìn lẹ fún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti iṣẹ́ Ìṣirò. Lágbájá gba 28 nínú Ìṣirò ní táàmù kìíní. 40 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 120, ẹ yọ 28, ó ku 92, ìyẹn 46 ní táàmù kọ̀ọ̀kan. Tó bá tún lọ gba 30 ní táàmù kejì, 62 ló máa kù sọ́rùn táàmù kẹta.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ìgbà méjì péré ló dáa láti sọ̀rọ̀. Àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí wọ́n bá wọlé ní Jánúárì, fún àwọn ọmọ tí máàkì táàmù kìíní wọn ti burú gan-an, tí ẹ ò nílò ẹ̀rí míì. Èkejì ni kété tí tẹ́ẹ̀sì kìíní táàmù kejì bá ti wọlé, ṣáájú mídítáàmù, tí ẹ bá fẹ́ rí i bóyá ọmọ ti ń yí padà kẹ́ ẹ tó pe òbí. Èmi fẹ́ràn èkejì fún ọmọ bí i Lágbájá torí pé táàmù kìíní lè jẹ́ àìsàn, ó lè jẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé míì wá, àmọ́ tí tẹ́ẹ̀sì táàmù kejì bá tún jọ ti táàmù kìíní, a ti mọ ohun tí à ń wò.

Ẹ yẹ máàkì wò kẹ́ ẹ tó dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni

Ẹ gbé bọ́ròdìṣíìtì kalẹ̀, ẹ fi ìka tọ orúkọ ọmọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tẹ́ ẹ ń wá ni òdo. Òdo méjì ló wà: òdo tí ọmọ gbà torí pé ó jókòó kọ tẹ́ẹ̀sì tí kò mọ nǹkan kan, àti òdo tí kọ̀mpútà fi síbẹ̀ torí pé tíṣà ò tẹ nǹkan kan sí àyè yẹn. Èkejì yẹn lè fa àfúrẹ́èjì ọmọ wálẹ̀ bí ẹni fa aṣọ lórí okùn, tó sì jẹ́ pé ọmọ ò ṣe nǹkan kan.

Òdo kẹta tún wà tí a kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n lé àwọn ọmọ tí ò tíì san owó ilé ìwé lọ sílé, ṣé kì í ṣe ọjọ́ yẹn gan-an ni tíṣà Bésíìkì Sáyẹ́ǹsì ṣe tẹ́ẹ̀sì? Ọmọ gba òdo torí pé àwa fúnra wa la lé e. Tẹ́ ẹ bá fi òdo yẹn kọ lẹ́tà sí òbí, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìjà tí ẹ ò lè borí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ tẹ́ẹ̀sì yẹn kẹ́ ẹ tó ro máàkì ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ṣí rẹ́jísítà, àárọ̀ àti ọ̀sán. Ọmọ tó ń wá láàárọ̀ tí kò sí níbẹ̀ lọ́sàn-án, ọ̀rọ̀ ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọmọ tí kì í wá lọ́jọ́ ọjà. Ẹ wo ìwé nóòtì ẹ̀ náà, ibi tí kíkọ ti dáwọ́ dúró máa ń sọ nǹkan. Tó bá jẹ́ ohun tí tíṣà pè sétí ló kọ pé, tí èyí tí wọ́n kọ sójú bọ́ọ̀dù sì já sáàárín, ẹ pe ọmọ náà wá sí iwájú, ẹ wò ó bóyá ó ń rí bọ́ọ̀dù dáadáa. Ẹ má lọ kọ ọ́ sí lẹ́tà pé ojú ẹ̀ ò dáa o, ẹ kì í ṣe dókítà, ẹ kọ pé ó ń fún ojú pọ̀ tó bá ń wo bọ́ọ̀dù láti ìjókòó kẹta, ẹ sì ní kí wọ́n gbé e lọ ṣe àyẹ̀wò.

Ẹ wá bá ọmọ sọ̀rọ̀, òun nìkan, kẹ́ ẹ tó bá òbí ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Ẹ sọ fún un pé ẹ máa pe ilé, kó máà jẹ́ pé lójú ìyá ẹ̀ ló ti máa kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ sì bi í pé ta ló ń wà nílé tó bá dé láti sukúù. Ìdáhùn yẹn wúlò ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, torí òbí tó ń sanwó lè wà ní Èkó kó jẹ́ ìyá àgbà ní Ọ̀yọ́ ló ń rí ọmọ lójoojúmọ́. Ẹni tó ń sanwó àti ẹni tó ń rí i, àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ gbọ́.

Ẹ pè wọ́n lórí fóònù kí lẹ́tà tó dé

Lẹ́tà tó kọ́kọ́ dé láìsí ìpè, bí sàmáńsì ló máa ń rí lọ́wọ́ òbí. Ẹ pè lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn aago márùn-ún tàbí lọ́sàn-án Sátidé, ẹ má pe ìyá tó ń tajà ní aago mẹ́wàá àárọ̀ tó ń dá oníbàárà lóhùn. Ìpè yẹn ò gbọdọ̀ gùn, iṣẹ́ tiẹ̀ ni pé kó jẹ́ kí wọ́n máa retí lẹ́tà kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí wọ́n máa wá:

"Ẹ káàsán mà, Ìyá Lágbájá. Èmi ni tíṣà kíláàsì ẹ̀. Àlàáfíà ló wà o, kò sóhun tó ṣe é. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìwé ẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ mà. Máàkì ẹ̀ báyìí ò tíì tó èyí tó máa gbé e lọ sí kíláàsì tó kàn, àyè ṣì wà láti tún un ṣe, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n tètè sọ. Mo máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ lọ́la, gbogbo nọ́ńbà ẹ̀ wà níbẹ̀. Ọjọ́ wo lẹ lè yọjú sí wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ mà?"

"Kò sóhun tó ṣe é" yẹn, ẹ má gbàgbé ẹ̀. Òbí tí nọ́ńbà ilé ìwé bá pè lọ́sàn-án, jàǹbá ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn.

Gúrúùpù Wọ́sáàpù àwọn òbí kíláàsì ńkọ́? Ẹ má dán an wò. Kódà ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀ pé "kí àwọn òbí tí a bá pe nọ́ńbà wọn wá rí wa," torí láàárín wákàtí kan gbogbo gúrúùpù á ti mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Bí ẹ ṣe máa to lẹ́tà náà

Ojú ewé kan, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbólóhùn tó ṣe pàtàkì jù ni kó wà lókè pátápátá, ẹ má fi ìpínrọ̀ mẹ́ta kí wọn kí wọ́n tó mọ ohun tẹ́ ẹ pè wọ́n sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni òfin ilé ìwé, kí ibi tí ọmọ wà báyìí tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà iye tó ṣì nílò, ohun tẹ́ ẹ rí, ohun tí ilé ìwé máa ṣe, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí ilé ṣe, ọjọ́ tẹ́ ẹ máa tún wò ó, àti ibi tí wọ́n máa fọwọ́ sí. Èdè tí òbí ń kà ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́. Tó bá jẹ́ Yorùbá, ó lè rí báyìí:

> Ọjọ́ 6, oṣù Kejì
>
> Sí àwọn òbí Lágbájá, kíláàsì kejì
>
> Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. A kọ lẹ́tà yìí láti jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé, pẹ̀lú máàkì tó wà nílẹ̀ títí dòní, Lágbájá lè má bá ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ sí kíláàsì kẹta ní Sẹ̀tẹ́ńbà. Ẹnikẹ́ni ò tíì pinnu nǹkan kan. Oṣù Keje ni ilé ìwé máa pinnu, àyè ṣì wà fún un láti yege.
>
> Òfin ilé ìwé wa: tí a bá ro àfúrẹ́èjì táàmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ tí a pín in sí mẹ́ta, ọmọ gbọ́dọ̀ ní 50, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní 40 nínú Ìṣirò tàbí Gẹ̀ẹ́sì.
>
> Ibi tó wà báyìí: táàmù kìíní, àfúrẹ́èjì ẹ̀ jẹ́ 41. Ó gba 28 nínú Ìṣirò, 44 nínú Gẹ̀ẹ́sì. Nínú tẹ́ẹ̀sì kìíní táàmù yìí, ó gba 7 nínú 20 nínú Ìṣirò.
>
> Ohun tó ṣì nílò: àfúrẹ́èjì 55 ní táàmù yìí àti 55 ní táàmù kẹta, nínú Ìṣirò, 46 ní táàmù kọ̀ọ̀kan.
>
> Ohun tí a rí: ọjọ́ 9 ló ti pẹ́ wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, Ìṣirò ló sì máa ń jẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ láàárọ̀. Iṣẹ́ àṣetiléwá Ìṣirò 10 ni a ti fún wọn, 4 ló mú wá. Ibi tó ti ń ṣòro fún un jù ni ìdá àti nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ òdo.
>
> Ohun tí ilé ìwé máa ṣe: tíṣà Ìṣirò máa kọ́ ọ ní Túsìdé àti Tọ́sìdé lẹ́yìn ìparí ilé ìwé, fún ìṣẹ́jú 45. Kò gba owó. A ti gbé ìjókòó ẹ̀ wá sí iwájú.
>
> Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún: kó máa dé kó tó di aago 7:45, kẹ́ ẹ sì máa fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá ẹ̀ lálaalẹ́.
>
> A máa tún wò ó lẹ́yìn tẹ́ẹ̀sì kejì, a ó sì pè yín ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹta, bó dáa bí kò dáa.
>
> Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya ìsàlẹ̀ ìwé yìí, ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ ti rí i, ẹ sì kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ lè wá.

Ẹ wo ohun tí mo ṣe níbi "ohun tí a rí." Mi ò kọ pé ọ̀lẹ ni, mi ò kọ pé kò ní àròjinlẹ̀, mo kọ ohun tí ẹnikẹ́ni lè lọ kà nínú rẹ́jísítà àti ìwé. Òbí lè bá yín jiyàn lórí "kì í sapá" àbí "kì í fọkàn sí i," kò lè bá yín jiyàn lórí 4 nínú 10. Ibì kan tún wà tí nọ́ńbà wọ̀nyẹn ti ń ṣiṣẹ́: pípẹ́ wọlé àti Ìṣirò tó jẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ bá ara wọn tan, òbí fúnra ẹ̀ á rí ibi tí omi ti ń jò láìjẹ́ pé ẹ wàásù fún un.

Ohun méjì péré ni mo ní kí ilé ṣe. Tí ẹ bá to ohun mẹ́jọ síbẹ̀, wọn ò ní ṣe ọ̀kan. Kẹ́ ẹ sì mú èyí tí òbí lè ṣe gan-an. Ìyá tí kò ka ìwé ò lè kọ́ ọmọ ní ìdá, àmọ́ ó lè ní kó ṣí ìwé kó ka déètì òní sókè, kó fọwọ́ sí i tàbí kó tẹ̀ka.

"Kò gba owó" náà, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Láyé yìí, tí tíṣà bá ti sọ pé ọmọ ò ṣe dáadáa, ohun tí òbí máa ń rò ni pé ó fẹ́ ta lẹ́sìn. Tí ilé ìwé yín ò bá lè kọ́ ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má kọ lẹ́sìn olówó sínú lẹ́tà ìkìlọ̀, ẹ jẹ́ kí òbí béèrè fúnra ẹ̀, kó sì máà jẹ́ tíṣà tó fọwọ́ sí lẹ́tà ló máa gba owó lẹ́sìn yẹn.

Àwọn nǹkan tí kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀: gbèsè owó ilé ìwé (ẹ fi lẹ́tà ọ̀tọ̀ béèrè ẹ̀, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀), ipò ọmọ nínú kíláàsì, orúkọ ọmọ míì, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó mọ̀wé, àti ọ̀rọ̀ "ó máa rìpíìtì." "Ó lè" ni, nígbà tó jẹ́ "ó lè" lóòótọ́.

Bí lẹ́tà ṣe máa dé ọ̀dọ̀ wọn

Ọmọ ọdún 12 tó mọ ohun tó wà nínú ẹ́ńfílóòpù, ẹ ò lè bi mí bí ẹ́ńfílóòpù yẹn ṣe máa di àwátì. Tí ọmọ bá máa mú un lọ, ẹ fi àwòrán ẹ̀ ránṣẹ́ sí òbí lórí Wọ́sáàpù tiẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kó máa retí ẹ̀. Òbí tí kò ka ìwé, ẹ gbé fóònù, ẹ ka lẹ́tà náà síbẹ̀ ní fóìsì nóòtì láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìṣẹ́jú méjì ni, kí wọ́n lè tún un gbọ́ kí wọ́n sì fi tó bàbá ọmọ létí. Ẹ tọ́jú fótókọ́pì kan sínú fáìlì ọmọ, pẹ̀lú ìsàlẹ̀ tí òbí fọwọ́ sí. Tí ìsàlẹ̀ yẹn ò bá padà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ pè. Tí ẹ bá pè tí wọn ò gbé e, ẹ kọ ọjọ́ àti aago tẹ́ ẹ pè sẹ́yìn fótókọ́pì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá

Ẹ má gbà wọ́n ní kọ́rídọ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n lè jókòó sí, kí tíṣà Ìṣirò wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú ìwé ọmọ wá, ìwé tí wọ́n lè ṣí. Ẹ jẹ́ kí òbí kọ́kọ́ sọ ohun tó rí nílé. Ibẹ̀ lẹ ti máa ń gbọ́ pé bàbá ti rìnrìn àjò láti oṣù Kẹwàá, pé ọmọ ló ń ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ilé, mọ́tò méjì ló ń wọ̀ báyìí kó tó dé. Èyí tó kẹ́yìn yẹn lè tú gbogbo ọ̀rọ̀ pípẹ́ wọlé palẹ̀, ẹ ó sì rí i pé aago 7:45 tẹ́ ẹ kọ kò ní ṣeé ṣe, ẹ jọ wá ọ̀nà míì, bóyá kí wọ́n pààrọ̀ àkókò Ìṣirò ẹ̀ tàbí kí tíṣà fún un ní nóòtì àárọ̀.

Ọmọ náà á wọlé láàárín, kó má jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ti jọ sọ ọ́ tán láàárín ara yín kó tó wọlé, kó lè jẹ́ ohùn kan ló máa gbọ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ máa gbọ́, ẹ ti múra ẹ̀ sílẹ̀. Òbí kan á ní "ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, tí mo bá dé ilé lónìí!" Ẹ dá a dúró pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tẹ́ ẹ bá nà án, kò tún ní mú ìwé jáde lójú yín mọ́, a ò sì ní mọ ibi tí ò yé e." Òmíràn á ní "ẹ ṣáà gbé e kọjá, màá wá rí yín." Ìdáhùn yẹn kò nílò ìbínú, ẹ kàn tọ́ka sí òfin tó wà nínú lẹ́tà, ẹ ní kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ń pinnu ẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ padà sórí 46 tó nílò nínú Ìṣirò. Èyí tó le jù ni ìyá tó bá ń bẹ̀ pé kí bàbá ẹ̀ má gbọ́. Ẹ má ṣèlérí ìyẹn fún un. Ẹ bi í pé kí ló ń bà á lẹ́rù, tó bá jẹ́ pé ìjàǹbá ló ń sá fún, ọ̀rọ̀ kan nìyẹn tó gbọ́dọ̀ dé etí púrínsípà àti kánsẹ́lọ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Kí wọ́n tó dìde, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ jọ fẹnu kò sí sẹ́yìn lẹ́tà, ìlà mẹ́ta mẹ́rin, kẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí i.

Títí di oṣù Keje

Ọjọ́ 10 oṣù Kẹta tẹ́ ẹ kọ, ẹ pè lóòótọ́. Ká ní Lágbájá gba 12 nínú 20 ní tẹ́ẹ̀sì kejì Ìṣirò, ó ti ní 19 nínú 40. Kó tó dé 46, 27 nínú 60 ló nílò nínú ìdánwò, ẹ sọ ọ́ fún ìyá ẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé kò ju 27 lọ, torí òbí tó ti ń bẹ̀rù fún oṣù kan nílò nọ́ńbà tó lè dì mú. Tó bá jẹ́ 4 ló gbà, 11 nìyẹn, 35 nínú 60 ló kù fún ọmọ tó gba 15 nínú ìdánwò tó kọjá, ẹ sọ ìyẹn náà bó ṣe rí.

Tí èsì táàmù kejì bá jáde ní Éépírì, ẹ tún gbogbo ìṣirò yẹn ṣe látìbẹ̀rẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà kejì, ìpínrọ̀ méjì tó. Tí ewu bá ti kúrò, ẹ kọ ọ́ gbangba pé ó ti kúrò, ẹ má fi òbí sílẹ̀ nínú òkùnkùn torí pé ẹ fẹ́ kí ọmọ máa bẹ̀rù. Tí nọ́ńbà tó kù bá ti kọjá ohun tó ṣeé ṣe, bí i kó nílò 75 ní táàmù kẹta, ẹ má tún kọ "àyè ṣì wà" mọ́. Ẹ pè wọ́n wá ní Méè, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jọ sọ̀rọ̀ nípa ọdún tó ń bọ̀: kíláàsì wo ló máa jókòó sí tí kíláàsì bá pín sí méjì, tíṣà wo ló máa gbà á, ṣé wọ́n fẹ́ kí ọ̀rẹ́ ẹ̀ wà nítòsí àbí wọn ò fẹ́. Òbí kan lè ní òun máa gbé ọmọ òun lọ sí ilé ìwé míì tó máa gbà á sí kíláàsì kẹta tààrà. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Ẹ fún wọn ní rìsọ́ọ̀tì ẹ̀ láìdá a dúró, ẹ sì fi ìwé kékeré sí i tó sọ ibi tí Ìṣirò ẹ̀ dé, kí tíṣà tó máa gbà á níbẹ̀ lè mọ̀ pé láti orí ìdá ni kó ti bẹ̀rẹ̀.